Ìyá Ìbejì, èmi, àti fọ́ọ̀mù tó wọ fáìlì onífáìlì

"Ẹ̀yin àgbà ọ́fíìsì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ wọṣẹ́ ìjọba l'Àbújá ni, a jọ ń jẹun, a jọ ń wọkọ̀. Orúkọ mi jáde nínú ìgbéga, tirẹ̀ ò jáde. Látìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n lọ bẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n máa wò ó?"

Ẹ má tíì lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún, yẹ̀yẹ́ ló máa jọ lójú ẹni tí inú ń bí. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Èmi àti Ìyá Ìbejì jọ gba lẹ́tà iṣẹ́ ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ni, ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ. Mararaba ni wọ́n ń gbé, Nyanya lèmi ń gbé. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á sì gbé báàgì wọn sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ wọn dè mí. Ẹni tó bá mọ bí gosiló Nyanya ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ̀ pé ìjókòó yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tó kan ìdánwò láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10 sí 12 (òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mọ̀ pé a kì í ya 11), inú bọ́ọ̀sì yẹn la ti kàwé. Ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àti òfin ìnáwó ìjọba la ń bi ara wa. Ti ìsinmi àti ìbáwí, kò sí ìlà tí Ìyá Ìbejì ò mọ̀ sórí. Àwa méjèèjì yege. Ṣùgbọ́n ẹni tó yege ò tíì gbéga. Wọ́n á ro máàkì ìdánwò pọ̀ mọ́ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ti fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún tí à ń pè ní Épà, wọ́n á wá wo iye àyè tó ṣí sílẹ̀. Ibi tí àyè bá tán sí, ibẹ̀ ni orúkọ dúró sí. Orúkọ mi wà lókè ìlà yẹn. Ti Ìyá Ìbejì ò sí níbẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n wá wọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo dín adìẹ. Èyí tí mo gbé sórí tábìlì Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀ tòun ti ìdérí ẹ̀ títí agbálẹ̀ fi kó o lọ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dìde dúró nígbà tí mo wọlé, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọ́n jù mí lọ o! Èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Báàgì wọn náà kúrò lórí ìjókòó. Orí ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń gbé e lé, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á jókòó síbẹ̀.

Inú fáìlì ni ọ̀rọ̀ wa wá kù sí. Tábìlì wa ò jìnnà síra rárá, bí mo bá na ọwọ́ mo lè kan tiwọn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á kàn yí àga ni, wọ́n á ní, "Ìyá Bọ́lá, wo èyí." Ní báyìí, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì pé, "Fún àṣẹ yín, mà," wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á kọ déètì, wọ́n á gbé e fún méséńjà wa. Òun á gbé e lọ sí rẹ́jísírì kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kó tó gbé e padà wá sínú yàrá kan náà, sórí tábìlì mi. Ará Katsina ni bàbá náà. Lọ́jọ́ kan, ó dúró láàárín wa méjèèjì tòun ti fáìlì lọ́wọ́, ó ní, "Hàbà, Hàjíà!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àwọn alárinà kò ṣe wá láǹfààní kankan. Ọ̀gá pè wá, àwọn ìyá ìjọ náà dá sí i. Gbogbo ibi tí wọ́n pè wá sí, èsì kan náà ni Ìyá Ìbejì ń fọ̀: "Kò sí ìjà láàárín wa o." Ìjà tí wọ́n ní kò sí, báwo lẹ ṣe fẹ́ parí ẹ̀?

Ohun tó là á ni fọ́ọ̀mù Épà tọdún náà. (Wọ́n ti ń fi ètò mìíràn rọ́pò ẹ̀ báyìí, mo mọ̀.) Òṣìṣẹ́ á kọ apá tirẹ̀ nípa iṣẹ́ tó ṣe, ẹni tó wà lókè ẹ̀ á kọ tirẹ̀, wọ́n á jọ jíròrò ẹ̀, òṣìṣẹ́ á fọwọ́ sí i pé òun rí i, kó tó lọ bá ọ̀gá àgbà. Nítorí ìgbéga yẹn, èmi ni mo di ẹni tó wà lókè Ìyá Ìbejì. Wọ́n kọ tiwọn, wọ́n fi rán méséńjà. Àwọn kan ní kí n kàn máàkì dáadáa sí i, kí n dá a padà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ sínú fáìlì pé òfin ní ká jọ jókòó.

Wọ́n gbé àga wá. Iṣẹ́ nìkan la sọ, kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí ẹ̀rín. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ, mo sì ní kí wọ́n fi ìjábọ̀ kan tí wọ́n jókòó kọ fún odidi oṣù kan kún un, èyí tí ọ̀gá mìíràn ti fi orúkọ ara ẹ̀ gbé lọ sókè. Ìgbà tí a fẹ́ parí ni mo bi wọ́n bóyá Épà ọdún mẹ́ta ẹ̀yìn pé nínú fáìlì wọn.

Wọ́n gbé ojú sókè. "Kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, rẹ́jísírì pè mí pé Épà mi kan ò sí nínú fáìlì, kí n mú ẹ̀dà wá. Ẹnìkan ti lọ sọ fún Ìyá Ìbejì pé wọ́n ní kí n sọ fún àwọn náà, pé mo sì gbé ẹnu dákẹ́. Mo ní, "Tèmi nìkan ni wọ́n pè mí sí, Ìyá Ìbejì." Wọn ò ní àwọn gbà, wọn ò ní irọ́ ni. Wọ́n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, wọ́n gbé àga wọn lọ.

Òṣìṣẹ́ ò lè ṣí fáìlì àṣírí ara ẹ̀ wò, nítorí náà mo kọ̀wé sí olórí rẹ́jísírì. Wọ́n wá a. Fọ́ọ̀mù ọdún kan ò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Inú fáìlì ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n ti bá a, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù pé lára ẹ̀. Wọ́n dá a padà sáyè ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéga ọdún yẹn ti kọjá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni orúkọ wọn jáde. Mo fi ọdún kan ṣáájú wọn báyìí, kò sì sí ohun tó lè pa àlàfo yẹn dé títí a ó fi fẹ̀yìn tì.

Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnìkejì. "Mà" ló kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí àga lọ́jọ́ kan, wọ́n béèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Báàgì yẹn pẹ́ jù wọ́n lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé kí n tó bá a lórí ìjókòó. A ti ń jẹun pọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ owó oṣù mọ́, wọn ò sì tíì wá sílé mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wádìí ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ yín, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnìkan ti sọ nǹkan fún un. Ẹ má fi alárinà ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kọ àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀ báyìí, ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn kọ. Tí ẹ ò bá sí ní ẹ̀ka kan náà mọ́, ọ̀nà tèmi ò ní bá tiyín mu. Èwo ni tiyín nínú méjèèjì?