Owó ìgbéránṣẹ́: ta ni kó san án?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, bàtà ọmọdé ni mò ń tà lórí Íńsítágíráàmù. Bí mo bá ti dárúkọ owó ọlọ́kadà báyìí, oníbàárà á dákẹ́. Ṣé kí n kúkú máa san án fúnra mi, kí n fi lé owó bàtà?"

Mo ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí rí. Àdìrẹ ni mò ń tà láti Abẹ́òkúta, ojú mi sì rí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé mi fún yín.

Ìdì kan, yáàdì márùn-ún, 9,500 náírà ni mò ń tà á nígbà náà. Bí mo bá yọ owó tí mo fi rà á ní ọjà Ìtòkú àti owó ọ̀rá tí mò ń dì í sí, 3,300 ló ń ṣẹ́ kù fún mi. Oníbàárà ló ń san owó ìgbéránṣẹ́: 1,000 láàárín Abẹ́òkúta, 3,500 dé ẹnu ọ̀nà ní Èkó, 5,000 dé Àbújá. Lóṣù kan, ènìyàn 20 ló rajà lọ́wọ́ mi: 12 ní Abẹ́òkúta, 6 ní Èkó, 2 ní Àbújá. Mo ro owó ìgbéránṣẹ́ gbogbo wọn pọ̀, 43,000. Mo pín in sí ọ̀nà 20, ó jẹ́ 2,150. Mo ní n ó fi 2,000 lé ọjà, kí èmi fúnra mi gbé 150 tó kù. Ni mo bá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán: 11,500, a ó gbé e dé ilé yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjà yá! 30 ni mo tà lóṣù tó tẹ̀ lé e, inú mi ń dùn ṣìnkìn, àfi ìgbà tí mo jókòó ti ìwé. Àwọn ará Abẹ́òkúta ò ju 5 lọ mọ́. Ta ló fẹ́ fi 11,500 ra ohun tó lè wọ Máruwá lọ rà ní Ìtòkú? Èkó ti di 16, Àbújá ti di 9. Owó ìgbéránṣẹ́ jẹ́ 106,000, bẹ́ẹ̀ 60,000 péré ni mo ti gbà lórí ọjà. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fi 46,000 kún un. Èrè 30 ìdì tó yẹ kó jẹ́ 99,000 wá di 53,000. Nígbà tí mò ń ta 20 péré, 66,000 ni mò ń rí.

Àṣìṣe mi ni pé àwọn oníbàárà àná ni mo fi ṣírò. Bí owó bá ti di ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó wà nítòsí ló ń bá ẹni tó jìnnà san, kì í sì í pẹ́ mọ̀. Á lọ. Ẹni tó jìnnà á máa pọ̀ sí i, 2,150 tí ẹ ṣírò á wá lé ní 3,500 láìjẹ́ pé ọlọ́kadà fi kọ́bọ̀ lé owó rẹ̀.

Ohun tó yọ mí ni pé ọlọ́kadà kì í béèrè iye yáàdì tó wà nínú ọ̀rá. Ìdì kan ni o, mẹ́ta ni o, 3,500 náà ni dé Èkó. Mo dá owó ọjà padà sí 9,500. Ẹni tó ra ẹyọ kan ń san owó ìgbéránṣẹ́ rẹ̀ pé. Ẹni tó bá ra mẹ́ta sí Èkó, èmi ni mò ń san án: èrè 9,900, mo yọ 3,500, 6,400 ṣẹ́ kù. Ti Àbújá, mò ń san 3,500, kí wọ́n fi 1,500 kún un. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ láti orí méjì. Ẹ wò ó: èrè méjì jẹ́ 6,600, ẹ yọ 3,500, 3,100 ló kù. Ẹni tó ra méjì á wá fún mi ní èrè tó kéré sí ti ẹni tó ra ẹyọ kan! Ààbọ̀ ni mò ń san fún wọn. Ẹ fi èrè bàtà yín ṣe ìṣirò kan náà, nítorí ó lè jẹ́ orí méjì ni tiyín ti máa bọ́ sí i.

Ní ti àwọn tó ń dákẹ́, ìgbà wo ni ẹ ń sọ owó náà fún wọn? Tẹ́lẹ̀, èmi máa ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ti yan ọjà tán, ó sì ń jọ wọ́n lójú bí ẹni pé mo fẹ́ fi owó kún owó. Ní báyìí, kí wọ́n tó béèrè ni wọ́n ti ń rí i, ìlú kọ̀ọ̀kan àti iye tirẹ̀. Ojú kan tí mo lè tètè yí padà ni mo kọ ọ́ sí, torí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọlọ́kadà ò dúró sójú kan mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ti bàtà tí kò sí nínú àdìrẹ. Bí bàtà ò bá gba ọmọ lẹ́sẹ̀, á padà wá, ìrìn àjò méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Bí ẹ bá ti kọ "ọ̀fẹ́," ẹ̀yin ni wọ́n á máa wò fún gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí ìyá ọmọ gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé bébà, kó fa ìlà yí i ká, kó wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù, kó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Kí owó tó wọlé ni kí ẹ ti jọ fẹnu kò: bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ ló yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní kí ẹ gbé wá, ẹ̀yin lẹ ó san owó àlọ àti àbọ̀, bó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n ṣi ẹsẹ̀ wọ̀n, àwọn ni wọ́n ó san án.