Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ikọ̀ yín lórúkọ

*Ẹ̀yin ará, wọ́n ní kí n wá orúkọ fún ikọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ fún iṣẹ́ àkànṣe kan níbi iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ èyí tí yóò mú orí wọn yá, tí kò sì ní dún bí orí lẹ́tà ilé-iṣẹ́. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?*

Ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ná, kí ẹ máa fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n. Orúkọ tó máa mọ́ wọn lẹ́nu sábà máa ń ti ibẹ̀ jáde.

Ní tiwa, àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó wà nínú fáìlì la fẹ́ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀gá òkè ti sọ wá ní Ikọ̀ Ìyípadà Àrà Ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é àfi tí ọ̀gá bá wà nítòsí. Páálí kún yàrá dé àjà. Láàárọ̀ dalẹ́, ká tú páálí, ká yọ pín-ìn-nì, ká to ìwé, iṣẹ́ wa nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tẹlifóònù dún, ẹni tó kéré jù láàárín wa gbé e, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Atúpáálí ló ń sọ̀rọ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ará ẹ̀ka ìṣirò owó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ṣé Atúpáálí ti rí fáìlì wa?"

Síbẹ̀, mi ò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Orúkọ méjì mìíràn wà nílẹ̀ táwọn kan fẹ́ràn, mo sì dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ẹnì kan ní ká máa jẹ́ Òkùnkùn-ò-mẹni-ọ̀wọ̀, nítorí pé tílẹ̀ bá ti ṣú, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, ilẹ̀ la jọ ń jókòó sí láti to ìwé. Òwe náà bá a mu gan-an. Àmọ́ àwọn èèyàn máa ń gé orúkọ kúrú, ẹ̀yin náà ẹ gé e wò: ẹgbẹ́ òkùnkùn! Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi ìyẹn pe òun níbi iṣẹ́? Ibẹ̀ la ti fi í sílẹ̀.

Èkejì ni Ikọ̀ Àṣeyọrí. Ìyẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ fi sínú gbólóhùn ọjọ́ tí nǹkan ò bá dáa: "Ikọ̀ Àṣeyọrí ò tíì rí iṣẹ́ wọn parí." Yẹ̀yẹ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ "Atúpáálí ò tíì rí iṣẹ́ wọn parí." Kò sóhun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, torí pé orúkọ náà ò lérí ohunkóhun. Ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe ló sọ. Orúkọ tó bá ń fọ́nnu máa di gbèsè sí ikọ̀ lọ́rùn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, iṣẹ́ sì máa ń fà sẹ́yìn.

Tó bá kan ká béèrè èrò wọn, ẹ má ṣe é nínú ìpàdé. Tí ọ̀gá bá ti ní "èyí wù mí," àwọn tó kéré á kàn dáhùn pé ó dáa, sà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo bá wọn sọ ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì bi wọ́n: èwo nínú wọn ni ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n fi pè yín? Èyí tí ẹnì kan bá kọ̀, a yọ ọ́, a ò bi í léèrè ìdí. Ọ̀nà yìí ló gbà wá lọ́wọ́ orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan tó jẹ́ pé ẹnì kan tó máa ń pẹ́ dé ló ń gún lára. Àwọn yòókù ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Ẹ fi orúkọ àwọn ọ̀gá sílẹ̀ sórí ìwé àti ìròyìn iṣẹ́ o. Kò pọn dandan kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Tilé lọ̀tọ̀, tìwé lọ̀tọ̀.

Ẹ máa mọ̀ pé orúkọ tí ẹ mú ti wọlé tí ẹ̀ka mìíràn bá ń pè é láìjẹ́ pé ẹ sọ fún wọn. Tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń pè é, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tàbí ife.

Tó bá sì jẹ́ pé owó oṣù ló fà sẹ́yìn, tàbí iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta lẹ dì ru ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn. Orúkọ aláwàdà lákòókò bẹ́ẹ̀, èébú ni wọ́n máa kà á sí. Nígbà tí páálí wa tán, a ò gbé orúkọ náà fún ikọ̀ tó tẹ̀ lé wa. Àwọn yẹn ò tú páálí kankan.