Ìdáhùn Àìtọ́ Tó Jọ Òótọ́ Nínú Ọ́bújẹ́kítífù Òfin Àdéhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní lẹ́sìnnì níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Mo yọ ogún ìbéèrè ọ́bújẹ́kítífù jáde láti inú orí tó sọ nípa àdéhùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìwé pàápàá ń gba gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn àìtọ́ mi kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má ronú ìdáhùn àìtọ́ jáde láti orí ara yín. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ìbéèrè náà láìsí ìdáhùn kankan lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi gbólóhùn méjì dáhùn. Àṣìṣe tó bá wá láti ọwọ́ èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ni ẹ ó tún kọ kó mọ́, òun ni yóò di ìdáhùn àìtọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká fi kántà-ọ́fà ṣe é, ìyẹn kí ẹni tí wọ́n mú ọ́fà wá fún, pé àwọn ó ta nǹkan fún un ní iye kan, dá iye tirẹ̀ padà dípò kó gbà. Àdùkẹ́ ń ta fíríìjì tòkunbọ̀ ní Sábó. Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ̀wé sí Báyọ̀ lórí fóònù: “N ó ta fíríìjì funfun yẹn fún ọ ní ₦180,000. Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì.” Lọ́jọ́rú, Báyọ̀ fèsì: “₦150,000 ni n ó rà á.” Àdùkẹ́ ní rárá. Lọ́jọ́bọ̀, Báyọ̀ ní: “Ó dáa, mo gbà á ní ₦180,000.” Àdùkẹ́ ní òun kò tà á fún un mọ́. Ṣé àdéhùn ti wà láàrin wọn?

A. Bẹ́ẹ̀ ni, torí Àdùkẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.
B. Bẹ́ẹ̀ ni, torí ìbéèrè lásán ni ọ̀rọ̀ Báyọ̀ lọ́jọ́rú.
D. Rárá, torí ọ̀rọ̀ Báyọ̀ lọ́jọ́rú ti pa ọ́fà Àdùkẹ́.
E. Rárá, torí Báyọ̀ kò tíì san owó kankan.

D ni. Bí ẹjọ́ Hyde àti Wrench ṣe rí lọ́dún 1840 nìyẹn: wọ́n fi oko lọ̀ Hyde ní £1,000, ó ní £950 lòun ó san, wọ́n kọ̀, ó wá padà wá gba £1,000. Ilé-ẹjọ́ ní ọ́fà àkọ́kọ́ ti kú. Ọjà gan-an ló ń ti àwọn ọmọ wa sí “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹni tó bá ná ọjà tí wọn ò gbà fún un, á yí padà pé “ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀”, ìyá ọlọ́jà á sì tà á. Lójú òfin, ọ́fà tuntun ni oníbàárà mú wá nígbà yẹn, ọlọ́jà ló gbà á. Ẹni tó mú A rò pé ìlérí “di ọjọ́ Ẹtì” ti de Àdùkẹ́, bẹ́ẹ̀ Báyọ̀ kò fún un ní ohunkóhun nítorí ìlérí yẹn. Ẹni tó mú E rò pé owó ló ń bí àdéhùn. Ẹ kíyè sí i pé méjì ní bẹ́ẹ̀ ni, méjì ní rárá. Bí D nìkan bá ní rárá, ẹni tó gbọ́ pé Àdùkẹ́ kọ̀ yóò mú un láìronú.

Níbi tí mo ti jìn sí kòtò rí ni B. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ irú ìbéèrè yìí, “Ṣé o lè gbà á ní ₦150,000?” ni mo fi sẹ́nu ẹni tó ń rà. Àwọn tó mọ̀wé jù ló lọ mú B, wọ́n sì rí ẹsẹ̀ dúró lé: nínú ẹjọ́ Stevenson àti McLean lọ́dún 1880, ilé-ẹjọ́ ní bíbéèrè lásán kì í pa ọ́fà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, ẹ kọ ìtàn náà débi tí ìdáhùn àìtọ́ kò ní rí àyè láti di òótọ́. Ẹ sì lè lo àlàfo kan náà láti bí ìbéèrè kejì: bí Báyọ̀ bá ní “Ṣé wàá gbà kí n pín owó náà san lẹ́ẹ̀mejì?”, tí ó sì gbà á ní ₦180,000 lọ́jọ́bọ̀ kí Àdùkẹ́ tó sọ pé òun ò tà mọ́, B ló di ìdáhùn. D yóò wá di ìdẹkùn fún ẹni tó kàn há “kántà-ọ́fà ń pa ọ́fà” sórí.

Mo tún yọ “Rárá, torí kò sí ìwé” kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́. Ọ̀ràn ìwé yàtọ̀ láti irú àdéhùn kan sí òmíràn, ti ilẹ̀ kì í ṣe ti fíríìjì, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n á sì bá yín jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ ka iye tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó gbà jù nínú gbogbo ìbéèrè bá ń kó sí ìdáhùn àìtọ́ kan ju àwọn tó kù lọ, ìbéèrè yín ló ní àbùkù, ẹ má gba máàkì lọ́wọ́ wọn. Bí ẹnì kan ṣoṣo ò bá sì mú E láàrin ogójì akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ìdáhùn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ tó.