"Ẹ ma lo o": má ni àbí máa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọ́n gbé ìwé àlàyé oògùn kan fún mi tí ẹ̀rọ ti tú láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Yorùbá inú rẹ̀ já geere, àmì ohùn nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Ṣé mo lè ka Yorùbá náà nìkan, kí n fi àmì sí i, kí n sì fi ránṣẹ́? Àkókò ò sí.

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta tó bi mi bẹ́ẹ̀ lóṣù yìí, ohun kan náà ló sì ń tan gbogbo yín jẹ: "já geere" yẹn. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń tú ọ̀rọ̀ jágbajàgba débi pé ojú lásán ti ń rí àṣìṣe rẹ̀. Èyí tó gbòde láti nǹkan bí ọdún 2016 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó jọ ti ènìyàn ni wọ́n kọ́ ọ láti máa gbé jáde, nítorí náà, bó bá tiẹ̀ ṣì í tú, á ṣì í tú lọ́nà tó dùn ún kà.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì ohùn tí ẹ ní òun nìkan ló kù. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé "Ẹ ma lo o". Ẹ fẹ́ fi àmì sí i. Ṣé "Ẹ má lò ó" ni, àbí "Ẹ máa lò ó"? Ọ̀kan ní kí aláìsàn fi oògùn náà sílẹ̀, èkejì ní kó máa lò ó lọ. Ẹ má sọ fún mi pé "máa" gbọ́dọ̀ ní a méjì. Àìmọye ènìyàn ló ń fi a kan ṣoṣo kọ ọ́, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ. "Ko mu un" ńkọ́? "Kò mu ún" lè jẹ́, "kó mu ún" náà lè jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nìkan ló mọ èyí tó jẹ́. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí: mo fọwọ́ ara mi sọ "ma" di "máa" nínú ìwé ìkìlọ̀ kan, mo tún ń yin ara mi pé àmì mi pé. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó kà á lẹ́yìn mi.

Kí n tó wo Yorùbá rárá, Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Mo máa ń fi àwọ̀ yẹ́lò kun gbogbo ibi tó ti sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ tàbí tó ti ka nǹkan léèwọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dúró fún "kò" àti "má" nìkan o. Mo ń kun "láì", "àfi bí", "yẹra fún" àti "ṣàṣà", títí dórí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ègé kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ láti sọ ọ́ di òdìkejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wá èyí tó dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú Yorùbá.

Ẹ wo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́: "Ẹ má dá oògùn yìí dúró àfi bí dókítà yín bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì lò ó láìjẹun." Ibi mẹ́rin ni yẹ́lò wà. Ẹ̀rọ wá mú èyí wá: "Ẹ dá oògùn yìí dúró bí dókítà yín bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì máa lò ó láìjẹun." Ó dùn létí, àbí? Mẹ́ta ti sọnù, "láì" nìkan ló kù. Ní apá kìíní, "má" àti "àfi" jọ bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìdí nìyẹn tó fi ṣì jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò ka kí aláìsàn fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró léèwọ̀ mọ́. Ní apá kejì, ẹ̀rọ ti ní kó máa gbé e mì kó tó jẹun.

Iye irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú Gẹ̀ẹ́sì àti nínú Yorùbá kì í fi gbogbo ìgbà bára mu ṣá. "Kò ju wóró méjì lọ" ní "kò" nínú, ó sì lè má sí nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Irú ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti máa wá ọ̀rọ̀ tó sọnù: ẹ̀rọ á kọ "wóró méjì", á fo "kò ju" àti "lọ". Bí Gẹ̀ẹ́sì bá to àìsàn márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ, ẹ ka ti Yorùbá pẹ̀lú ìka ọwọ́.

Ti akọ àti abo kò le tó bẹ́ẹ̀ bí a bá ń bọ̀ sí Yorùbá, torí "ó" tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ìgbà tí ènìyàn méjì bá pàdé nínú gbólóhùn kan ló ń dàrú. Ká ní dókítà jẹ́ obìnrin, aláìsàn jẹ́ ọkùnrin, ẹ̀rọ wá kọ "Dókítà ní kó mú ìwé rẹ̀ wá." Ìwé ta ni? Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀rọ̀ abo sọ pé ti dókítà ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "ìwé dókítà". Bí ẹ bá ń lọ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ lè fi dókítà ṣe ọkùnrin, kó fi nọ́ọ̀sì ṣe obìnrin, láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin, ẹ bi ẹni tó ni ìwé.

Èmi kì í ṣe apòògùn, bóyá ẹ̀yin náà kọ́, nítorí náà kí apòògùn tó gbọ́ Yorùbá tún ka ìwé yẹn kó tó dọ́wọ́ aláìsàn. Bí wọ́n bá sì ní àkókò kíka Gẹ̀ẹ́sì ò sí, ẹ dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn.