Owó àti ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán

“Ọmọ mi kì í yàwòrán mọ́ àfi bí mo bá fún un lówó. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ dáwọ́ ìlérí owó náà dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò yà. Nínú ìwádìí tí Mark Lepper, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1973, àwọn ọmọ jéléósinmi tí wọ́n ti ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún kí wọ́n tó yàwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn tó gba irú ìwé kan náà láìròtẹ́lẹ̀ kò dín kù.

Àlàyé Edward Deci àti Richard Ryan, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ni pé ẹ̀bùn àdéhùn máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí i bíi pé ẹlòmíràn ló ń darí òun.

Iṣẹ́ tó ti wu ọmọ tẹ́lẹ̀ nìkan ni èyí kàn. Ní ti àwo fífọ̀, kò sí ìfẹ́ tí owó lè bà jẹ́ níbẹ̀.