Lẹ́tà ẹ̀sùn sí àwọn tó ń gbé sọ́fíwíà ìṣirò owó kalẹ̀ fún wa

*“Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mò ń darí ẹ̀ka ìṣúná níbi iṣẹ́ wa. Àwọn tó ń bá wa gbé sọ́fíwíà tuntun kalẹ̀ ti yẹ ọjọ́ àdéhùn lẹ́ẹ̀mẹta, àléébù inú iṣẹ́ wọn kò sì tán. Ọ̀gá àgbà ní kí n kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí wọn. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí wọn ò fi ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn?”*

Ẹ má tíì kọ ọ́ lónìí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé ọjọ́ tí inú bí mi gan-an ni mo kọ tèmi. Ilé iṣẹ́ tó ń pín ohun èlò ìkọ́lé ni mo wà nígbà náà, ní Ìbàdàn. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ, mo pè wọ́n ní aláìbìkítà, mo ní wọ́n ti já wa kulẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹrin ni èsì dé. Wọn kò bínú rárá. Wọ́n kàn to nǹkan 11 sílẹ̀ tí àwa fúnra wa fi dá iṣẹ́ dúró, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀: orúkọ àti gbèsè àwọn oníbàárà tí a fi pẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí a tó kó o fún wọn, àwọn òṣìṣẹ́ wa tí kò wá síbi ìdánwò nítorí pé wọ́n ń ka ọjà ní ilé ìkẹ́rù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá àgbà wa kà á tán, ó wò mí lójú, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi múra lẹ́tà kejì, ìmúra yẹn ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé mẹ́rin ni mo tẹ́ sórí tábìlì: ìwé àdéhùn, ìwé ohun tí a ní kí sọ́fíwíà náà ṣe tí àwa àtàwọn jọ fọwọ́ sí, àkọsílẹ̀ ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àti àkójọ àléébù tí mo tẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìpele kan ṣàlàyé ohun tó jẹ mọ́ ọjọ́. Ìdánwò tí àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ṣe gbọ́dọ̀ parí ní 15 oṣù kẹta. Ní 30 oṣù kẹfà, kò tíì parí. Ọjọ́ 107 nìyẹn. Ká ní bí mo ṣe kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ni, gbogbo 107 ni ǹ bá dì lé wọn lórí. Nínú lẹ́tà kejì, mo kọ́kọ́ yọ tiwa kúrò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí a fi pẹ́ jẹ́ ọjọ́ 35, nítorí náà ọjọ́ tuntun tó tọ́ sí wọn ni 19 oṣù kẹrin. Láti ọjọ́ yẹn dé 30 oṣù kẹfà, ọjọ́ 72 ló kù, ọrùn wọn nìkan ni ìyẹn wà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ẹ̀bi wa sínú lẹ́tà, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tí èsì wọn dé, kò sí ẹni tó tún dárúkọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn mọ́. Ọjọ́ 72 ni gbogbo wa jọ ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ti àléébù, ẹ má gba ohun tí ojú kọ̀ǹpútà bá kọ gbọ́. Àléébù 46 ló wà nínú àkójọ wa, wọ́n sì ti kọ `Closed` sí iwájú 29, ìyẹn pé wọ́n ti tún wọn ṣe tán. Mo mú akọ̀wé owó méjì, a sì fi ọjọ́ méjì tún gbogbo 29 yẹn dán wò. Mẹ́sàn-án ṣì wà bó ṣe wà. Iye tí kò tíì tán kì í ṣe 17 bí wọ́n ṣe ń wí, 26 ni.

Èyí tó ń dùn wá jù nínú wọn ni owó orí àyọsílẹ̀, ìyẹn owó orí tí à ń yọ nínú owó ẹni tó bá wa ṣiṣẹ́ kí a tó sanwó fún un. Ká ní ẹnìkan bá wa ṣe iṣẹ́ ₦1,000,000. Fáàtì jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦75,000, àpapọ̀ sì di ₦1,075,000. Tí owó orí àyọsílẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, orí mílíọ̀nù kan yẹn ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe orí àpapọ̀ tí fáàtì wà nínú rẹ̀. ₦50,000 ló yẹ kí a yọ, kí oníṣẹ́ gba ₦1,025,000. Ohun tí sọ́fíwíà náà ń yọ ni ₦53,750. Bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè wá pé owó àwọn kò pé nìyẹn, ₦3,750 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kó pín iye tí wọ́n yọ sí iye iṣẹ́ tí kò sí fáàtì nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ 5.375 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí dípò 5, orí àpapọ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣètò owó orí sínú sọ́fíwíà ni kí wọ́n lọ tún ṣe.

Àléébù yìí gan-an ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí `Change Request`, wọ́n sì ní ká san owó mìíràn kí àwọn tó ṣe é. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn gidigidi. Bí wọ́n bá sọ pé ohun tuntun lẹ ń béèrè, ìdáhùn kì í ṣe àríyànjiyàn. Ẹ lọ wá ìlà rẹ̀ nínú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Tiwa wà níbẹ̀ kedere, pé iye tí kò sí fáàtì nínú rẹ̀ ni kí wọ́n ti yọ ọ́. Nọ́ńbà ìlà náà ni mo kọ sínú lẹ́tà, mo sì so ẹ̀dà ojú ìwé yẹn mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá rí ìlà kankan fún òmíràn, ẹ fi í sílẹ̀. Méjì wà nínú tiwa tó jẹ́ ohun tuntun lóòótọ́, mo sì yọ wọ́n kúrò.

Mi ò kó gbogbo 24 tó kù sínú lẹ́tà. Márùn-ún tí kò jẹ́ kí a lè parí ìṣirò owó oṣù nìkan ló wọ inú rẹ̀, mo so ìyókù mọ́ ẹ̀yìn. Èdè òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe lọ nìyí: “Ní 4 oṣù karùn-ún, a tẹ iṣẹ́ ₦1,000,000 àti fáàtì ₦75,000 sínú rẹ̀. Ó yọ ₦53,750. Ìwé àdéhùn wa béèrè ₦50,000. Ẹ kọ `Closed` sí i ní 20 oṣù karùn-ún. A tún un dán wò ní 28 oṣù kẹfà, ₦53,750 náà ló tún yọ.” Kò sí èébú kankan níbẹ̀, kò sì sí orúkọ òṣìṣẹ́ wọn kankan.

Lọ́yà wa ló wá là mí lójú sí nǹkan mìíràn. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ la ti ń sọ fún wọn lórí Wọ́sáàpù pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè”, tí a sì ń gba ọjọ́ tuntun tí wọ́n bá dá. Lójú òfin, ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè ti jọ̀wọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó sọ ẹjọ́ kan fún mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Rickards àti Oppenhaim, tó wà nínú ìwé ẹjọ́ 1950. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n kan ara ọkọ̀ olówó iyebíye fún òun. Ọjọ́ kọjá, ó ṣì ń rọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ó kọ̀wé pé bí kò bá ti wà nílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òun kò gbà á mọ́. Kò wà nílẹ̀, ó kọ̀ ọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre, nítorí pé ó fún wọn ní ọjọ́ tó bójú mu. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yín fi gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ tuntun, kó sì sọ pé ọjọ́ yẹn kò ní yẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìwé àdéhùn wa fún wọn láti tún iṣẹ́ ṣe, òun náà la lò. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ ti fòpin sí àdéhùn bí lọ́yà kò bá ní kí ẹ kọ ọ́, torí bí ẹ bá fòpin sí i lọ́nà àìtọ́, ẹ̀yin lẹ ti yẹ àdéhùn nìyẹn. Ẹ kàn sọ pé gbogbo ẹ̀tọ́ tí ẹ ní ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Ìpele-ìpele la pín iṣẹ́ náà àti owó rẹ̀ sí. Mo ti fi ìbínú dá owó ìpele kejì dúró, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìpele kejì ti parí, a sì ti fọwọ́ sí i. Lọ́yà ní kí n san án kí lẹ́tà tó jáde, mo sì san án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ì bá sọ pé àwa la kọ́kọ́ jẹ gbèsè. Owó ìpele kẹta ni kò tíì tọ́ sí wọn, torí ìfọwọ́sí ìdánwò ni wọ́n so ó mọ́. Ẹ wò ó bóyá tiyín náà ní gbólóhùn pé bí ẹ bá dákẹ́ fún iye ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ ti gbà á nìyẹn. Tiwa jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹjọ ni mo rí i.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ka ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ bí ìwé ìkìlọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ara wọn. Tiwa kò ka ímeèlì kún, nítorí náà lẹ́tà àkọ́kọ́ mi kò tilẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Lẹ́tà kejì ni awakọ̀ wa gbé lọ sí àdírẹ́sì tó wà nínú àdéhùn, sí ọ̀gá tí orúkọ ipò rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ohun tí a béèrè kò pọ̀: ètò iṣẹ́ tó ní ọjọ́ fún àléébù kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ méje, ọ̀gá kan tó láṣẹ tí a ó máa bá sọ̀rọ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má kọ `Closed` sí ohunkóhun mọ́ tí òṣìṣẹ́ wa kò bá tíì dán an wò.

Ọjọ́ kẹfà ni ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ wá. Wọ́n tún márùn-ún àkọ́kọ́ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú ìyókù kò ṣeé ṣe títí dòní, a sì jọ gbà kí wọ́n dín owó ìpele ìkẹyìn kù nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò, akọ̀wé owó wa tẹ mílíọ̀nù kan náà sínú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wò ó.” ₦50,000 ló wà níbẹ̀.