Ìdí tí adánìkan-tajà fi ń tà díẹ̀

"Ẹni tó ń dá nǹkan tà, ṣé kì í ṣe kó tà púpọ̀ kó lè jèrè púpọ̀ ni?"

Rárá o àbúrò, torí kò lè tà kún un láìjẹ́ pé ó já iye owó gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta yìnyín ní Kétu níbí, báàgì kan ń ná an ní 100 sẹfà. Tó bá pè é ní 200, báàgì 10 ló máa tà lójúmọ́, èrè 1000. Tó bá fẹ́ ta 15, àfi kó já a sí 150 fún gbogbo wa, títí kan àwa tí à bá san 200 tẹ́lẹ̀, èrè wá di 750, kí ló ń wá lọ síbẹ̀? Á kúkú jókòó sí 10 tiẹ̀.

Àwọn ìyá onígààrí ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀ lọ súà, gààrí kan náà ni, èyí tó bá fowó lé e, ọ̀dọ̀ ẹnìkejì la máa yà sí. Ká ní oníyìnyín pọ̀ báyẹn, iye á sún mọ́ 100 (owó iṣẹ́ wọn ti wà nínú ẹ̀), báàgì á tó 20. Báàgì 10 tí ò jáde yẹn gan-an ló ń dùn mí, torí àwọn tó lè san 150 wà níbẹ̀.